Màmá mi ò lè gbé hóró kẹ́mò mì mọ́, ìyàwó mi sì lóyún: báwo la ó ṣe máa mú oògùn yìí nínú ilé?

Àkọ́bí_Màmá
Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ibí. Jẹjẹrẹ ìfun ńlá ló ń ṣe màmá mi. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, hóró kẹ́mò tí wọ́n ń pè ní kapesitabíìnì ni wọ́n wá ń lò nílé báyìí. Hóró 500 mílígíráàmù mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ, fún ọjọ́ 14, kí wọ́n wá fi ọjọ́ 7 sinmi kí a tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kejì tí a ó lò ó nìyí, a sì ti wà láàárín ọjọ́ 14 náà.

Nǹkan mẹ́ta ló ń dà mí láàmú. Láti bí ọjọ́ mélòó kan, oògùn náà ò fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun wọn kọjá mọ́. Wọ́n á mu omi tán, hóró náà á ṣì wà lórí ahọ́n. Ṣé mo lè lọ̀ ọ́, kí n pò ó mọ́ oúnjẹ? Ìkejì, ìyàwó mi ló máa ń fún wọn lóògùn tí mo bá wà níbi iṣẹ́, oyún oṣù mẹ́ta sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kó oògùn fún wa, ẹnì kan kàn sọ pé "ẹ máa fi ìbọ̀wọ́ mú un o," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Irú ìbọ̀wọ́ wo? Ìkẹta, ibo ló yẹ kí n kó o sí? Orí fíríìjì ló wà báyìí, ọmọ wa ọlọ́dún mẹ́rin sì ti mọ àga gùn.

Bọ̀dá_Sánmọ́rí
Àbúrò, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún màmá ní àlàáfíà. Ẹ má jẹ́ kí ìbẹ̀rù bò yín mọ́lẹ̀. Ẹ fi hóró náà sáàárín síbí méjì, ẹ tẹ̀ ẹ́ fọ́, ẹ pò ó mọ́ nǹkan dídùn, wọ́n á gbé e mì. Oògùn kì í ṣiṣẹ́ lára ẹni tí kò gbé e mì. Èyí tí ẹ sì ń lò yìí, mo ti kà nípa rẹ̀: nínú ara ló ti ń yí padà di kẹ́mò gan-an, kò tíì di nǹkan kan nígbà tó wà lọ́wọ́. Àwọn tó ń po kẹ́mò olómi nílé ìwòsàn ló ni ọ̀rọ̀ ìbọ̀wọ́.

Ní ti ibi tí ẹ ó kó o sí, ẹ gbé e kúrò lórí fíríìjì, ẹ kó o sínú rẹ̀. Oògùn tó lágbára báyìí, òtútù ló yẹ ẹ́. Ẹ ṣáà wá bí ọmọ yẹn ò ṣe ní fọwọ́ kàn án, torí ìyẹn ni ewu tòótọ́.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tọ̀nà lórí fífọ́ o. Oògùn yìí kan náà ni baálé mi lò, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n kìlọ̀ fún wa ni pé a ò gbọdọ̀ fọ́ ọ, a ò gbọdọ̀ gé e, wọn ò sì gbọdọ̀ rún un lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n n ò ní purọ́, n kì í lo ìbọ̀wọ́. Odindi ni hóró náà, wọ́n fi nǹkan bò ó lára. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde láti ara káàdì rẹ̀ sínú ìdérí kékeré kan, baálé mi á dà á sẹ́nu, èmi á lọ fi ọṣẹ fọwọ́. Ọwọ́ mi kì í kàn án rárá. Àwọn tó ń wọ ìbọ̀wọ́ tí wọ́n tún ń fi ìbọ̀wọ́ kan náà dì ìlẹ̀kùn mú, tí wọ́n ń fi gbé ife omi, kí ni wọ́n ṣe?

Abẹ̀kẹ́
Ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Nígbà tí wọ́n ń fa kẹ́mò sí mi lára, èébì ló fẹ́ pa mí. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n fún màmá ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró kí wọ́n tó fa omi náà, kí wọ́n sì rọra máa fà á. Ẹ̀yìn ìyẹn ni mo tó lè gbé nǹkan mì.

Ìyá_Ìbejì
@Abẹ̀kẹ́ oníhóró ni tiwọn, ilé ni wọ́n ti ń lò ó. Kò sí abẹ́rẹ́ níbẹ̀, ma.

Abẹ̀kẹ́
Háà, mo ti rí i. Ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ti ẹnu wà.

Apoògùn_Àgbà
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè kí n gùn díẹ̀. Ẹ̀ka jẹjẹrẹ ni mo ti ń fún àwọn èèyàn lóògùn, ìbéèrè yìí la sì máa ń gbọ́ jù.

Ẹ̀gbọ́n Sánmọ́rí, òótọ́ ni pé nínú ara ni kapesitabíìnì ti ń di oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n ara ta ni? Kì í ṣe ara aláìsàn nìkan ló mọ̀ ọ́n yí padà. Ara yín mọ̀ ọ́n, ara ìyàwó àbúrò yìí náà mọ̀ ọ́n. Tí ẹ bá fi síbí fọ́ hóró náà, ìyẹ̀fun rẹ̀ á fò sókè, ẹ ó fa díẹ̀ símú láìmọ̀, ìyókù á bà lé tábìlì, á lẹ̀ mọ́ síbí, á wọ ara aṣọ. Nǹkan tí wọ́n fi bo hóró náà lára ló ń dí ìyẹ̀fun yẹn mọ́nú. Ẹ ti fọwọ́ ara yín tú u sílẹ̀ nìyẹn. Sẹ́ẹ̀lì tó ń pín kíákíá ni oògùn yìí ń lé, kò sì sí ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń pín kíákíá bí inú ọlẹ̀ olóṣù mẹ́ta. Nítorí náà ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gé e sí méjì pàápàá.

Ìyàwó yín wá ńkọ́? Tí ẹlòmíràn bá wà, kí ẹlòmíràn máa ṣe é. Tí kò bá sí, ẹ wo màmá fúnra wọn. Ṣé ọwọ́ wọn ṣì le? Ṣé ojú wọn ṣì ríran? Tó bá rí bẹ́ẹ̀, àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n máa tẹ hóró náà jáde nínú káàdì rẹ̀ bọ́ sínú ife kékeré, kí wọ́n dà á sẹ́nu láti ibẹ̀. Ìyàwó yín á kàn bu omi, á wo aago, á kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti lò ó. Kò ní dé ìdí oògùn rárá. Aláìsàn kò nílò ìbọ̀wọ́ fún oògùn ara rẹ̀, kí wọ́n ṣáà fi ọṣẹ àti omi fọwọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ tí mo máa ń sọ fún olùtọ́jú ni náítíràìlì, àwọn aláwọ̀ búlúù tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀. Látẹ́ẹ̀sì náà dára tí kò bá sí ìyẹ̀fun nínú rẹ̀ tí ara yín ò sì kọ̀ ọ́. Àwọn tó mọ́ gaara tó sì tóbi gbàgẹ̀rẹ̀, tí àwọn tó ń ta oúnjẹ ń wọ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Ẹ fọwọ́ kí ẹ tó wọ̀ ọ́, ẹ fún oògùn, ẹ bọ́ ọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ tún fọwọ́. Tí ẹ bá ń bọ́ ọ, ẹ di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú láti ìta, ẹ yí i kó ẹ̀yìn padà sínú. Ìkejì, ẹ ti ìka sábẹ́ rẹ̀ láti inú, kí awọ yín má kan ìta rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ ó lò ó, ẹ ò gbọdọ̀ fọ̀ ọ́ sá. Ìyá Ìbejì tọ̀nà pátápátá: ẹni tó wọ̀ ọ́ tó wá fi dì gbogbo ilé mú kàn tú oògùn káàkiri ni.

Ṣùgbọ́n ma, ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un. Bí ọwọ́ yín ò tiẹ̀ kàn án, hóró kan lè ti sán nínú káàdì kí ẹ tó ṣí i. Nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ni ìyẹ̀fun á jáde sí yín lọ́wọ́. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí olùtọ́jú wọ̀ ọ́ nìyẹn, àní tó bá tiẹ̀ ń dà á sínú ìdérí.

Ibi ìkósí: kí ó wà nínú páálí tó bá a wá, níbi gbígbẹ, kí ooru ibẹ̀ má ju ìwọ̀n 30 lọ. Kapesitabíìnì kò nílò fíríìjì, ọ̀rinrin inú rẹ̀ kò sì ní ṣe é lóore. Àwọn hóró kẹ́mò kan wà tí wọ́n máa ń ní kí a kó sínú òtútù, ara páálí wọn ni wọ́n máa ń kọ ọ́ sí. Balùwẹ̀ àti ilé ìdáná kò dára, orí fíríìjì náà kò dára nítorí ooru tó ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá ni, lókè.

Bọ̀dá_Sánmọ́rí
Ó dáa, mo gbọ́ ti fíríìjì. Ṣùgbọ́n kí ni màmá ó wá ṣe? Kí wọ́n má lo oògùn mọ́? Ẹ ti sọ ohun tí kò dára, ẹ ò sọ ohun tí wọ́n máa ṣe.

Dúró_Gbọn-in
Èmi ni mò ń lo oògùn yìí fúnra mi, nítorí náà ẹ gbọ́ tẹnu aláìsàn. Ní tèmi, apoògùn mi ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún mi: kí n ju odindi hóró náà sínú ife omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, bíi 200 mílílítà, kí n máa rọra rò ó títí yóò fi yòrò, kí n mu ún lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí n bu omi díẹ̀ sí i ṣan ife náà kí n sì mu ìyẹn pẹ̀lú. Kò sí fífọ́ níbẹ̀, nítorí náà kò sí ìyẹ̀fun tó ń fò. Ó korò bí ewúro, ṣùgbọ́n ó ń wọlé. Ife yẹn àti síbí rẹ̀, èmi nìkan ló ń lò wọ́n, ọ̀tọ̀ la sì ń fọ̀ wọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùtọ́jú, ẹ má máa wọ ìbọ̀wọ́ sí wa bí ẹni fẹ́ mú ejò. Ẹ ṣàlàyé fún wa kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Nígbà tí àbúrò mi kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, mo rò pé èmi ni ó ń sá fún.

Ìyá_Ìbejì
Ẹ wò ó, ilé ìwòsàn tiwa kọ̀ jálẹ̀ nígbà tí mo béèrè nípa yíyòrò yẹn. Wọ́n ní ẹni tó ṣe oògùn náà sọ pé odindi ni kí a gbé mì. Wọ́n fún baálé mi ní hóró 150 dípò 500 nítorí ó kéré.

Dúró_Gbọn-in
Hóró 150? Ẹni tó ń lo 1500 lẹ́ẹ̀kan yóò gbé hóró mẹ́wàá mì láàárọ̀, mẹ́wàá lálẹ́! Èmi ò lè ṣe é láé.

Ìyá_Ìbejì
Ti baálé mi kò tó bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé fún màmá yìí ó máa pọ̀.

Apoògùn_Àgbà
Òtítọ́ lẹ̀yin méjèèjì sọ. Ìwé tó bá oògùn náà wá sọ pé odindi ni, pẹ̀lú omi, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lẹ́yìn oúnjẹ. Tí a bá gbọ́dọ̀ fọ́ ọ tàbí gé e, ẹni tí wọ́n kọ́ níṣẹ́ náà, tó sì ní irinṣẹ́ rẹ̀, ló yẹ kó ṣe é. Àwọn ilé ìwòsàn kan máa ń gba aláìsàn láyè láti yòrò ó sínú omi bí Dúró_Gbọn-in ṣe sọ, àwọn mìíràn kì í gbà. Èmi máa ń gbà á fún àwọn kan, ṣùgbọ́n mo ní láti mọ ẹni náà, kí n mọ ẹni tó máa fọ ife. Nítorí náà Àkọ́bí, ẹ má tìtorí pé ẹ kà á níbí ṣe é. Apoògùn yín ni kó sọ fún yín.

Tí wọ́n bá sì fún yín ní 150 àti 500 pọ̀, ẹ kíyèsára gidigidi. Mo ti rí ẹni tó ka hóró méjèèjì sí ọ̀kan náà.

Nọ́ọ̀sì_Títí
Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti òkè, ẹnikẹ́ni ò sì tíì béèrè ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè. Àkọ́bí, ẹ ní "láti bí ọjọ́ mélòó kan" ni kò ti wọlé mọ́. Ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ ó lò ó rèé. Ìyẹn ni pé ní ẹ̀ẹ̀kínní, wọ́n ń gbé e mì dáadáa, ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́? Hóró náà kò tóbi sí i. Kí ló yí padà ní ọ̀fun màmá?

Ẹ ní kí wọ́n ya ẹnu, kí ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó. Ṣé inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ pupa? Ṣé egbò funfun wà lábẹ́ ahọ́n tàbí létí rẹ̀? Ṣé oúnjẹ tó gbóná díẹ̀ ń ta wọ́n? Ẹ bi wọ́n léèrè nípa ìgbẹ́ náà, nítorí àwọn àgbà kì í sọ ọ́ fúnra wọn. Ẹ mẹ́nu ba àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ pẹ̀lú.

Àkọ́bí_Màmá
Ẹ ṣé gan-an ni, ma. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó tán ni. Egbò wà lóòótọ́, mẹ́ta létí ahọ́n lápá òsì, ọ̀kan nínú ẹ̀rẹ̀kẹ́, gbogbo ibẹ̀ sì pupa fòò. Wọ́n ní ó ti ń dùn wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ò fẹ́ kó ìdààmú bá wa. Wọ́n ní àwọn ń yàgbẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, wọn ò sọ iye rẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kò tíì ní nǹkan kan.

Nọ́ọ̀sì_Títí
Nígbà náà, ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti lílọ̀ àti yíyòrò. Oògùn yìí máa ń dá egbò sí ẹnu, egbò tó ń dunni sì wà lára ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé rẹ̀ pé kí aláìsàn dá oògùn náà dúró kó sì pe oníṣègùn rẹ̀. Ẹ má fún wọn ní ti alẹ́ òní títí ẹ ó fi bá ilé ìwòsàn sọ̀rọ̀. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára káàdì ìtọ́jú yín ni kí ẹ pè, alẹ́ ni o, òru ni o.

Ẹ sọ fún wọn pé ẹnu ti bó, pé kò lè gbé oògùn mì, kí ẹ sì ti ka iye ìgbà tí wọ́n yàgbẹ́ lónìí. Tó bá fi mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ju iye tó ti mọ́ wọn lára lọ́jọ́ kan, tàbí tí ó ń jí wọn lóru, ìyẹn náà ti tó láti dá oògùn dúró. Bákan náà ni èébì tó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láàárín wákàtí 24. Ẹ fi ẹ̀rọ wọn ooru ara wọn. Tó bá dé 38, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́.

Ẹ má sì ronú pé ẹ ó san àwọn hóró tí ẹ bá fò padà lọ́jọ́ mìíràn. Èyí tó lọ ti lọ, a kì í lò ó ní ìlọ́po méjì.

Bọ̀dá_Sánmọ́rí
Ká ní wọ́n tẹ̀lé tèmi, wọ́n á máa ti oògùn náà wọ ara tó ń kọ̀ ọ́. Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun.

Ẹ jẹ́ kí n béèrè nǹkan kan. Tí hóró kan bá já bọ́ sílẹ̀ tí ẹnì kan sì tẹ̀ ẹ́ ńkọ́? Mo rò pé bílíìṣì ló yẹ kí wọ́n dà sí i.

Ìyá_Ìbejì
Ó ṣẹlẹ̀ nílé wa. Baálé mi ló fi bàtà tẹ̀ ẹ́ lálẹ́, ó di lẹ́búlẹ́bú ní ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọ mi ti ń mú ìgbálẹ̀ bọ̀, mo kígbe mọ́ ọn. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ní kó lọ gbé fáànù kúrò pàápàá.

Apoògùn_Àgbà
Igbe yẹn dára. Ìgbálẹ̀ á gbé ìyẹ̀fun náà sókè ni. Ẹ kọ́kọ́ pa fáànù, ẹ lé ọmọdé àti aboyún kúrò nínú yàrá, ẹ wọ ìbọ̀wọ́. Ẹ bu omi rin tíṣù tó nípọn, ẹ gbé e lé e lórí, ẹ máa nù ún láti etí wá sí àárín kó má baà fẹ̀ sí i. Ẹ kó tíṣù náà sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ẹ fi omi ọṣẹ fọ ojú ibẹ̀ dáadáa, ẹ fi omi lásán ṣàn án. Ìsàlẹ̀ bàtà náà, ẹ nù ún bákan náà. Ìbọ̀wọ́ á tẹ̀lé tíṣù sínú ọ̀rá, ẹ dì í, ẹ tún fi ọ̀rá kejì wọ̀ ọ́, ẹ sì dá a padà fún ibi tí ẹ ti gba oògùn. Ẹ má da bílíìṣì sórí ìyẹ̀fun, ọṣẹ àti omi ló ń kó o kúrò.

Tí ẹ bá tẹ hóró jáde tí ó já bọ́ láìfọ́, ẹ fi ìbọ̀wọ́ mú un sínú ọ̀rá kan náà, ẹ má fún aláìsàn. Ẹ sọ fún apoògùn, nítorí iye hóró yín á dín.

Ìyá_Ìbejì
Ibi tí ẹ ní kí wọ́n dá a padà sí gan-an ló jẹ́ ìṣòro. Lẹ́yìn tí wọ́n yí oògùn baálé mi padà, mo kó ìyókù lọ sí ibi tí wọ́n ti tà á fún wa. Wọ́n ní àwọn kì í gba oògùn tí ó ti jáde padà. Ẹni tó wà níwájú mi ní ojú mi gan-an ni wọ́n sọ fún pé kó lọ da tirẹ̀ sínú ṣálángá!

Apoògùn_Àgbà
Ẹ má dà á sínú ṣálángá, ẹ má sì dà á sínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tàbí sínú pàǹtírí, inú omi àti ilẹ̀ ló ń lọ. Ẹ pe ẹ̀ka jẹjẹrẹ ilé ìwòsàn gan-an, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù oògùn. Ọ̀pọ̀ wọn ní àpótí tí wọ́n ń kó irú ìdọ̀tí yìí sí. Ní àárín méjì yẹn, kó wà nínú páálí rẹ̀, nínú ọ̀rá tí ẹ dì, ní ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà.

Àkọ́bí_Màmá
A ti pè wọ́n. Dókítà tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kí a dá a dúró lálẹ́ yẹn gan-an, a sì ti gbé wọn lọ láàárọ̀. Wọ́n fún wọn ní omi tí wọ́n ó máa fi fọ ẹnu, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ wọn yẹ̀ wò. Wọ́n ní tí egbò bá jinná, àwọn lè dín iye hóró kù nígbà tí a bá tún bẹ̀rẹ̀. Mo béèrè nípa yíyòrò sínú omi, apoògùn wọn ní ká kọ́kọ́ wo bóyá wọ́n á lè gbé e mì nígbà tí ẹnu bá san.

Màmá fúnra wọn ti ní àwọn ni yóò máa tẹ oògùn jáde láti ìsinsìnyí lọ. Ìyàwó mi á máa kọ ọ́ sílẹ̀ nìkan. Oògùn ti wà nínú àpótí onírin lókè kọ́bọ́ọ̀dù yàrá mi.

Ó kù ẹyọ kan. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo la ní, ìyàwó mi sì ń lò ó. Ṣé ìyẹn náà léwu? Ó tún ń fọ aṣọ wọn.

Nọ́ọ̀sì_Títí
Wọ́n lè jọ lò ó. Oògùn náà ń bá ìtọ̀ àti ìgbẹ́ jáde, nítorí náà ohun tí a máa ń sọ ni wákàtí 48 lẹ́yìn hóró tí wọ́n lò kẹ́yìn. Tí wọ́n bá lò ó fún ọjọ́ 14, ẹ fi ọjọ́ méjì kún un, ó di ọjọ́ 16. Ọjọ́ márùn-ún tó kù nínú ìsinmi wọn, ẹ lè mí díẹ̀. Nígbà tí ẹ dá a dúró lójijì yìí, láti hóró tó kẹ́yìn yẹn ni ẹ ó ti kà á.

Láàárín àkókò náà, kí màmá jókòó tí wọ́n bá fẹ́ tọ̀, kí wọ́n pa ìdérí kí wọ́n tó fa omi, kí wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mejì tí omi rẹ̀ ò bá lágbára. Aṣọ tí ìtọ̀, ìgbẹ́ tàbí èébì bá bà sí, kí aboyún má fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ni kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ tí nǹkan kan ò bà sí, kó máa fọ̀ ọ́ bó ṣe ń fọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Dídì mọ́ wọn, jíjókòó tì wọ́n, jíjẹun pọ̀, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀. Ẹ sọ ìyẹn fún ìyàwó yín kí ó má baà máa sá fún ìyá ọkọ rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì
Tiwa sọ fún wa pé ọjọ́ méje ni, kì í ṣe wákàtí 48.

Nọ́ọ̀sì_Títí
Àwọn kan ń sọ ọjọ́ méje lóòótọ́, àwọn kan ń sọ wákàtí 72. Iye tí ilé ìwòsàn tiyín bá fún yín ni kí ẹ dì mú. Nínú ilé tí oyún wà, tí wọ́n bá ní kí ẹ fi ọjọ́ kan kún un, ẹ má bá wọn jiyàn.

Dúró_Gbọn-in
Àkọ́bí, ẹ bá mi kí màmá. Ẹ ní kí wọ́n má tún fi ìrora ẹnu pa mọ́ fún yín mọ́ o. Tí ẹnu bá ti ń ta wọ́n, kí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ náà, kí hóró tó ń bọ̀ tó dé ẹnu.